Àlejò 100 níbi ìkómọ l'Ábújá: jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì òun ọbẹ̀, àmàlà, àbí àkàrà òun kókó?

Ẹni tó bá fẹ́ fún 100 èèyàn lóúnjẹ níbi ìkómọ l'Ábújá, tówó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, oúnjẹ mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀: jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, àmàlà, tàbí àkàrà àti kókó láàárọ̀. Èmi ní kó mú ọ̀kan. Ìdílé tó bá fẹ́ gbé méjì kalẹ̀ máa ń rò pé àwọn á kàn dín ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kù sí ìdajì ni, ṣùgbọ́n àlejò kì í pín ara wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti jẹ ìrẹsì tán á ní kí wọ́n bu àmàlà díẹ̀ wá kóun fi tọ́ ẹnu, ẹran kejì sì ti bá a lọ nìyẹn.

Ohun mẹ́rin ni màá fi wọn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: aago tí ètò máa parí, iye abọ́, owó ẹran, àti irú iná tó wà nílé yín.

Aago ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ọjọ́ kẹjọ kì í wo kàlẹ́ńdà. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọmọ lórúkọ, torí pé ẹni tó ń gbé Màràrábá tàbí Ńyáńyá tó fẹ́ dé ọ́fíìsì láàárín ìlú kò lè dúró de ìrẹsì ọ̀sán. Tó bá bọ́ sí Sátidé, èèyàn á jókòó títí di ọ̀sán, wọ́n á sì retí oúnjẹ tó wúwo.

Ẹ̀yìn náà lẹ ó wá ka abọ́, ẹ má ka orí. Nínú 100 èèyàn tó máa wá síbi ìkómọ, ẹ jẹ́ ká fi 30 sí ọmọdé, nítorí àwọn ìyá kì í dá wá. Ọmọdé méjì ń jẹ abọ́ àgbà kan. Àgbà 70 àti ọmọdé 30 wá jẹ́ abọ́ 85. Abọ́ 15 tó ṣẹ́kù wà fún àwọn tó ń dáná, fún pásítọ̀ tàbí ààfáà tẹ́ ẹ máa di tiẹ̀ fún, àti fún aládùúgbò tó gbọ́ ìró gbohùngbohùn tó sì yà wọlé. Abọ́ 100 náà la padà dé, ṣùgbọ́n abọ́ tó ti ní ààyè fún àfikún ni. Alásè tó bá ní kẹ́ ẹ se abọ́ 150 fún 100 èèyàn ń ṣètò ohun tóun náà máa gbé lọ sílé.

Owó ẹran ló ń fọ́ ìnáwó. Ní ọ̀pọ̀ ọjà Àbújá, owó kílò ẹran màlúù kan lè ra kílò ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń yọ módù ìrẹsì kan, ìyẹn abọ́ ìwọ̀n ọjà níbí, kúrò láti fi dín owó kù fi ń tan ara rẹ̀. Ibi gígé ẹran ni owó ti ń dínkù. Kílò 11 ẹran tí kò ní egungun, tẹ́ ẹ bá gé e sí nǹkan bí gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, á fún yín ní ègé 110. Bó bá ti bọ̀ tó sì din, ègé kọ̀ọ̀kan á ti súnkì sí bíi gíráàmù 65, ojú sì ṣì ń gbà á nínú abọ́. Ẹ jẹ́ kí alápatà gé e lójú yín, kẹ́ ẹ sì kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá kó tó wọ ìkòkò, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn dídín, ẹ tún un kà. Ẹran tó bá fi méjì tàbí mẹ́ta dín, ẹni tó ń tọ́ ọ wò ló jẹ ẹ́. Tó bá fi 20 dín, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ adìyẹ, adìyẹ tó ti yé ẹyin tán ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra ti ẹran. Ó le díẹ̀, ó sì ń pẹ́ lórí iná, àmọ́ kì í fọ́ sínú ọbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Tẹ́ ẹ bá gé ọ̀kan sí mẹ́jọ, adìyẹ 13 á fún yín ní ègé 104.

Fún ìdílé Mùsùlùmí tó bá ń ṣe àkíìkà, ìṣirò yàtọ̀ pátápátá. Àgbò tó wọn nǹkan bíi kílò 35 sí 40 láàyè máa ń fún èèyàn ní kílò 16 sí 18 ẹran òun egungun lẹ́yìn pípa, láìka inú ẹran. Ti ọmọbìnrin jẹ́ ọ̀kan, ti ọmọkùnrin jẹ́ méjì. Kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ti àwọn aláìní àti ti ẹbí, ìyókù lè tó se ọbẹ̀ láì tún ra ẹran kankan. Ẹni tó bá ti ra àgbò, tó tún lọ ra kílò mẹ́wàá ẹran màlúù, ẹ̀ẹ̀mejì ló sanwó.

Nípa iná, ẹ bi onílé kí ẹ tó bi alásè. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń háyà ní Kúbwà, Lúgbè àti Gwarinpa kì í gba igi ìdáná nínú ọgbà. Tó bá jẹ́ gáàsì nìkan lẹ ní, ìkòkò kékeré méjì sàn ju ìkòkò ńlá kan lọ.

Ohun kan tó kù nípa ìwọ̀n: módù ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ níbí, módù ọjà kan sì lè tóbi ju ti òmíràn lọ. Ẹ bi olùtajà pé módù mélòó ló ń jáde nínú àpò 50 kílò. Tó bá ní 36, ẹ mọ̀ pé módù rẹ̀ kan kò pé kílò kan ààbọ̀.

Jọ̀lọ́ọ̀fù

Kílò 12 ààbọ̀ ìrẹsì ló tó abọ́ 100, ìyẹn ìdá mẹ́rin àpò. Lọ́dọ̀ olùtajà tí módù rẹ̀ jẹ́ 36 nínú àpò, módù mẹ́sàn-án péré ni. Ìrẹsì náà á wú sí nǹkan bíi kílò 35, abọ́ kọ̀ọ̀kan á sì gba gíráàmù 350, tó kún ojú dáadáa.

Ìdí tí mo fi fi í ṣe àkọ́kọ́ ni pé òun ló ń jẹ ata àti òróró kéré jù nínú oúnjẹ ọ̀sán. Kílò ìrẹsì kan ń fẹ́ nǹkan bí ìdajì lítà ata lílọ̀, gíráàmù 100 tòmátò alágolo, àti ìdá márùn-ún lítà òróró. Fún kílò 12 ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ lítà mẹ́fà ata lílọ̀ àti díẹ̀ lé, agolo tòmátò tó wọn kílò kan àti díẹ̀, àti lítà méjì ààbọ̀ òróró. Omi ẹran tẹ́ ẹ fi bọ ẹran ló ń fún un ládùn, nítorí náà ẹran tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù jẹ́ àdánù méjì.

Ewu rẹ̀ ni pé aṣìṣe kan lè ba gbogbo ìkòkò jẹ́. Ẹni tó mọ kílò kan sè nílé máa ń sọ ìwọ̀n omi di ìlọ́po mẹ́fà nígbà tó bá dé orí kílò mẹ́fà, ìrẹsì á wá di ẹ̀kọ. Nínú ìkòkò ńlá, omi tó ń gbẹ lọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bọ ìrẹsì díẹ̀ tẹ́ ẹ sì ti fọ̀ ọ́, ọbẹ̀ inú ìkòkò kò gbọ́dọ̀ ga ju ojú ìrẹsì lọ. Ó tó kẹ́ ẹ máa rí i láàárín hóró. Bó bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ máa gbọ́ pé ìró híhó rẹ̀ yí padà, ó di ìró gbígbẹ tó ń ta pàrà-pàrà nísàlẹ̀. Ẹ dín iná kù nígbà náà, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé e, ooru á ṣe ìyókù. Bí òórùn jíjóná bá wọ̀ yín nímú, ẹ má ro ó. Ẹ gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ kó ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, kẹ́ ẹ sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá ro ó ló pín òórùn náà kárí.

Ẹ wo bí ìdílé kan ní Kúbwà ṣe lè tò ó. Sátidé ni, ìsọmọlórúkọ jẹ́ aago mẹ́wàá, gáàsì nìkan ló wà, kò sí igi. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ra ẹran, wọ́n gé e, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sì din ín lálẹ́. Omi ẹran wọ inú fíríìjì. Ata lílọ̀ náà ti hó gbẹ díẹ̀ lálẹ́ Ẹtì kan náà. Láago méje àárọ̀ Sátidé, ìkòkò méjì gorí iná, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú páànù pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìkòkò kí iná gáàsì má dojú kọ àárín nìkan. Ìkòkò kejì bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn àkọ́kọ́, kí alásè kan lè tọ́jú méjèèjì. Nígbà tí pásítọ̀ fi máa tọ́ oyin kan ọmọ lẹ́nu, àkọ́kọ́ ti wà nínú kúlà. Ọwọ́ kan péré ló ń bu oúnjẹ, ṣíbí ńlá kan náà ló sì ń lò títí dópin. Bí ẹni mẹ́ta bá ń bu oúnjẹ pẹ̀lú ṣíbí mẹ́ta, abọ́ 100 á di 75 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ata

Ojú ẹni tó kọ́kọ́ wò ó máa ń sọ pé èyí ló dín owó jù, torí pé ìrẹsì lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ìrẹsì kan náà ni, ṣùgbọ́n abọ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ nǹkan bíi mílílítà 100 ọbẹ̀, ìyẹn lítà mẹ́wàá ọbẹ̀ tó ti din. Kẹ́ ẹ tó rí lítà mẹ́wàá, ata lílọ̀ tẹ́ ẹ máa gbé kaná á súnmọ́ lítà 18, òróró á sì tó mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́ta ata jọ̀lọ́ọ̀fù nìyẹn.

Àsìkò ọdún ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di bí oṣù kẹta, tòmátò láti Kánò àti Kàdúná máa ń kún ọjà Àbújá, apẹ̀rẹ̀ kan á sì rọjú. Tó bá ti di oṣù karùn-ún lọ sí àárín òjò, owó náà á gun òkè. Ọdún 2016 ni kòkòrò run oko tòmátò ní Kàdúná, ẹni tó ṣe ìnáwó lọ́dún yẹn kò tíì gbàgbé. Lásìkò ọ̀wọ́n, àwọn alásè a fi tàtàṣé, àlùbọ́sà púpọ̀ àti tòmátò alágolo rọ́pò ìdajì tòmátò tútù. Ọbẹ̀ náà á dùn, àmọ́ tàtàṣé náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kì í dá ẹ̀rù bani. Ẹ lè se ọbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ din ín títí òróró á fi léfòó tí ẹnu kò ní gbọ́ ọ̀kan tòmátò mọ́, kẹ́ ẹ sì hó o dáadáa láàárọ̀. Bí ìrẹsì bá tilẹ̀ rọ̀ jù, ọbẹ̀ á bò ó. Ìyá ọkọ tí kò sè fún ju èèyàn 20 lọ rí lè ṣe é láì sanwó alásè, owó alásè tó kúrò yẹn sì lè dí ti ata. Ó tún gba ọmọdé àti àgbà tí kì í jẹ ata mọ́, torí wọ́n á bu ọbẹ̀ díẹ̀ fún wọn.

Àmàlà

Kílò mẹ́wàá èlùbọ́ máa ń tó 100 abọ́, tí abọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba òkèlè méjì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Gbẹ̀gìrì ń fẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́ta ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, ọbẹ̀ ata á sì tó lítà méje nìkan, nítorí ewédú àti gbẹ̀gìrì ti ń gbé ìdajì òkèlè. Pọ̀mọ́, ṣàkì àti inú ẹran àkíìkà bá a mu, nítorí náà owó ẹran lè rẹlẹ̀ gan-an. Ewédú kò ṣòro níbí, ẹ sọ fún Hausa tó ń ta ewé pé áyòyó lẹ fẹ́.

Ìṣòro àmàlà ni ọwọ́. Kò sẹ́ni tó ń ro kílò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Kílò méjì ni apá obìnrin tó lágbára lè gbé lẹ́ẹ̀kan tí kò fi ní kókó, ìyẹn ìgbà márùn-ún rírò, omi gbígbóná tí kò gbọ́dọ̀ tán, àti ẹni méjì tó ń dì í sí ọ̀rá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń pa gáàsì. Nínú kúlà, ó lè gbóná fún bíi wákàtí méjì. Tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó máa ń mú omi jáde, á sì le lójú.

Ẹ tún wo ẹni tó ń bọ̀. Bí ìdajì àlejò bá jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ láti Benue, Plateau tàbí Kano, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kan fọwọ́ tọ́ òkèlè dúdú náà, wọ́n á sì bèèrè pé ṣé ìrẹsì wà. Tuwo shinkafa òun miyan taushe á bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lára mu ju àmàlà lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ ẹ gbé e fún ìyá Hausa tó ń tà á ládùúgbò. Ẹ má fi ìkómọ kọ́ ọ.

Àkàrà àti kókó

Èyí nìkan ni kò nílò ẹran rárá, ìdí nìyẹn tó fi dín owó jù lọ. Fún àkàrà mẹ́ta lẹ́nìkan, 300 ni gbogbo rẹ̀, kílò méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ ẹ̀wà ló sì máa fún yín ní 300 tí kò kéré jù. Òróró dídín á tó lítà márùn-ún. Kókó tàbí ògì tó lítà 30 ń fẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́fà ògì tútù, ṣúgà kílò méjì sí mẹ́ta. Kókó ọkà bàbà tàbí jéró tí wọ́n fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sí ló tà jù níbí, gbogbo ẹ̀yà ló sì ń mu ún.

Àwo dídín tó fẹ̀ dáadáa ń gba àkàrà 20 sí 25, ó sì ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú méje kí ọ̀wọ́ kan tó jáde. Àwo kan á gba wákàtí kan ààbọ̀, méjì á gba ìṣẹ́jú 45. Bí wọ́n bá kó o sínú kúlà pẹ̀lú ìdérí, á rọ bí ẹ̀kọ. Inú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ bébà sí ni kó wà, kẹ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.

Ibi tó ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ lálẹ́ máa ń kan kó tó mọ́ nínú ooru oṣù kẹta tàbí kẹrin, àkàrà rẹ̀ á sì kan. Nítorí náà, ẹ bó ẹ̀wà lálẹ́, kẹ́ ẹ fi í sínú omi tútù, kẹ́ ẹ sì bá olùlọ̀ sọ ọ́ ṣáájú pé aago márùn-ún ìdájí lẹ ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo pẹtiróòlù, torí iná mànàmáná kò ṣeé fọkàn tán ní ìdájí. Ẹ ní kó fọ ata ẹni àná kúrò nínú ẹ̀rọ, kó má sì bu omi sí i jù.

Ohun mímu

Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpò omi inú ọ̀rá kan ní 20, ẹnì kan ń mu méjì, àpò mẹ́wàá tó. Kílò kan ìṣápá gbígbẹ ń fún yín ní lítà 35 sóbò, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 350 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Obì, orógbó, atare, oyin àti iyọ̀ ìsọmọlórúkọ kò sí nínú owó oúnjẹ yìí, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Tó bá jẹ́ Sátidé, tí ẹ ní alásè tó ti se ìkòkò ńlá rí, tí àlejò sì wá láti ẹ̀yà gbogbo, ẹ mú jọ̀lọ́ọ̀fù. Kò sí èyí tó tún fi owó àti ojú rere bára mu tó o.

Tí kò bá sí alásè, tó jẹ́ ẹbí ló máa dáná, tí ìkómọ sì bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, ìrẹsì funfun òun ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Nígbà òjò, ẹ tún ìṣirò ata ṣe kẹ́ ẹ tó pinnu.

Àmàlà wà fún ìdílé tí àgbò àkíìkà ti wà nílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù nínú àlejò jẹ́ Yorùbá, tó sì ní ìyá mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mọ ìgbákọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Àkàrà àti kókó wà fún ọjọ́ iṣẹ́, fún ìsọmọlórúkọ aago méje, àti fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ẹran rárá. Ṣùgbọ́n bí olùlọ̀ àdúgbò bá ní òun kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ padà sórí ìrẹsì funfun, kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ẹyin sísè rọ́pò ẹran. Pálẹ́ẹ̀tì ẹyin mẹ́rin ti ju 100 lọ.